Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba: bí ẹ ṣe lè kọ ọ́ kí ó má kọjá ìṣẹ́jú 2

Ẹni tó ń dúpẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tó bá fi máa dìde, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ti sọ tirẹ̀, àwọn èèyàn ti béèrè ọ̀rọ̀, alága ti fi díẹ̀ kún un, ìjókòó sì ti ń sú wọn. Iṣẹ́ tó kù fún un kò ju pé kí ó dúró fún gbogbo àwùjọ, kí ó jẹ́ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ̀ pé a gbọ́ ohun tó sọ, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò àti àwọn tó wá gbọ́, kí a sì túká. Ìṣẹ́jú 2 tó iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ló ṣeé gbé láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ síbi òmíràn, kí a má yí nǹkan kan padà níbẹ̀ àfi orúkọ. “Ọ̀rọ̀ yín lárinrin, ó kún fún ìmọ̀, ó là wá lójú.” Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan múra ọ̀rọ̀ náà á gbọ́ èyí, á mi orí, kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ òun tàbí ẹ sùn lọ. Ó máa ń dùn mí láti rí i, nítorí ìdúpẹ́ gidi kò le ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín ni kí ẹ kọ ìwé náà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì fi àyè òfìfo méjì sínú rẹ̀: àyè ńlá kan fún ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu olùdánilẹ́kọ̀ọ́, àti àyè kékeré kan fún ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwùjọ. Inú gbọ̀ngàn, lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ ó ti kún méjèèjì.

1. Ẹ mọ iye ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ́jú 2 yín gbà

Ìṣẹ́jú 2 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 120, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ ó fi sọ̀rọ̀. Ẹ ó dìde, ẹ ó rìn dé ibi gbohùngbohùn, ẹ ó gbé e sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀rọ̀ yín. Ẹ yọ ìṣẹ́jú-àáyá 30 sílẹ̀ fún gbogbo ìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 ló kù tí ẹ ó fi ka ìwé.

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ dìde dúró, ẹ tan aago ìdíwọ̀n inú fóònù yín, kí ẹ ka ìwé Yorùbá èyíkéyìí sókè bí ìgbà tí ẹ ń bá ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá sọ̀rọ̀. Tí ìṣẹ́jú 1 bá pé, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kà. Ká ní ó jẹ́ 140, a jẹ́ pé nǹkan bí ọ̀rọ̀ 210 ni ìwé yín gbà. Ẹni tó bá ń ka ìwé rẹ̀ nínú ọkàn lórí ìjókòó á rò pé ó kúrú, nítorí ojú máa ń yára ju ẹnu lọ. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí ohùn ti ń gbá padà, ẹ ó tún ní láti rọra sọ̀rọ̀ ju bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé lọ.

Tí ògbufọ̀ kan bá máa dúró tì yín, tó ń tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ lẹ́yìn yín, ìdajì àkókò náà kì í ṣe tiyín mọ́. Ìwé tí kò ju ọ̀rọ̀ 100 lọ ni kí ẹ kọ. Ẹni tó ń fọwọ́ túmọ̀ fún àwọn adití kì í gba àkókò kún un, torí ó ń ṣe é bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ẹ fi orúkọ àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí i ṣáájú, kí ẹ sì sinmi díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe máa ń pín ìṣẹ́jú-àáyá 90 náà nìyí: 5 fún ìkíni, 40 fún olùdánilẹ́kọ̀ọ́, 30 fún alága àti àwọn aṣètò, 10 fún àwùjọ, 5 fún gbólóhùn ìparí. Bí ẹ bá pín tiyín tán tí apá aṣètò wá gùn ju ti olùdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ, orúkọ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

2. Ẹ wá orúkọ kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ nípa orúkọ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbi ìdúpẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀. Ẹni tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ á gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe orúkọ 7 nínú èèyàn 9 tó ṣiṣẹ́, àwọn 2 tí ẹ fò kò ní rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìlànà tí kì í já mi kulẹ̀ ni pé èèyàn mẹ́ta péré ni mo máa ń forúkọ pè: olùdánilẹ́kọ̀ọ́, alága àti olórí ìgbìmọ̀ aṣètò. Gbogbo àwọn yòókù, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni mo fi ń pè wọ́n: àwọn tó to àga, àwọn tó bójú tó ohùn, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá dárúkọ iṣẹ́, gbogbo ẹni tó ṣe é ti wọ inú rẹ̀, ẹ kò sì fo ẹnikẹ́ni.

Onígbọ̀wọ́ nìkan ló lè jẹ́ ẹni kẹrin. Ẹni tó bá gbé owó kalẹ̀ sábà máa ń ti bá ìgbìmọ̀ sọ bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, tàbí kí ó ti ní kí wọ́n má dárúkọ òun rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, kí ẹ má dá a sọ.

Nígbà tí ó bá ku bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ pe ẹni tó ń ṣètò, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀: báwo ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀, oyè wo ni ó fẹ́ kí a fi ṣáájú rẹ̀, ta ni yóò jókòó lórí àga alága gan-an, ta ló sì ń ṣiṣẹ́ tí àwùjọ kò ní rí? Ìbéèrè kẹrin yẹn ló máa ń mú ohun tó dára jù wá. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ pé ẹnì kan wà tó ń da gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti yàrá ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí.

Tí orúkọ bá ṣàjèjì sí ẹnu yín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé bí ẹ ṣe máa pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pe orúkọ náà létí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó tọ̀nà. Kò sẹ́ni tí ìbéèrè yẹn ń bí nínú. Bí a bá ṣi orúkọ ẹni pè lójú èrò, ìyẹn ló ń bíni nínú.

3. Ẹ kọ àwọn apá tí kò ní yí padà

Ìkíni kì í ṣe ibi tí a ti ń ka orúkọ àwọn èèyàn jàǹkàn jàǹkàn. Olóòtú ètò ti ṣe ìyẹn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan tó: “Alága wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.” Ẹ kú ìjókòó dára níbí ju ẹ káàárọ̀ tàbí ẹ káalẹ́ lọ, nítorí pé ó ti dúpẹ́ díẹ̀ fún sùúrù wọn, kò sì ní di àṣìṣe bí ètò bá pẹ́ wọ ìrọ̀lẹ́.

Ẹ fi òwe tí gbogbo èèyàn ń lò níbi ìdúpẹ́ sílẹ̀, èyí tó sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ dà bí olè tó kó ni lẹ́rù lọ. Òótọ́ ni, ó sì dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó wà níjòókòó tí kò tíì gbọ́ ọ, ìṣẹ́jú-àáyá 5 tó sì máa jẹ ni ẹ lè fi sọ ohun tí wọn kò tíì gbọ́. Bákan náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ máa dúpẹ́, tàbí pé kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó dúró síbẹ̀.

Lórí àwọn aṣètò, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣe dúpẹ́. “Wọ́n gbìyànjú púpọ̀” kò sọ nǹkan kan. “Wọ́n ronú kan ètò yìí, wọ́n sì ṣe é yọrí” ti sọ iṣẹ́. Lórí alága, ẹ dárúkọ ohun tí alága ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ṣọ́ àkókò, ó sì pín ọ̀rọ̀ fún àwọn tó nawọ́.

Gbólóhùn tó máa parí ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ẹ fọgbọ́n tò jù. Orúkọ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn pátápátá nínú rẹ̀: “Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Báyìí.” Kété tí orúkọ bá jáde lẹ́nu yín, àwùjọ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ parí, àtẹ́wọ́ á sì bọ́ sí i. Bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí pé, “Kí a pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Báyìí fún iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ṣe, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún wa o,” àwọn kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ní àárín, àwọn kan á dúró dè yín, àtẹ́wọ́ náà á sì já sí jákujàku.

4. Ẹ fetí wá ohun tó máa kún àyè ńlá náà

Àyè yìí gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60, ìyẹn gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ọjọ́ tó pé, ẹ kọ ohunkóhun síbẹ̀ tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè fi dánra wò, kí aago má bàa tàn yín jẹ.

Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ, ẹ má ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ mú. Ohun tí mo máa ń wá ni ibi tí gbọ̀ngàn ti ṣe nǹkan pa pọ̀, bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kùn, tàbí wọ́n dákẹ́ lójijì. Mo tún máa ń wá ohun tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ mú tàbí tó fi hàn wá, àti ohun tí èèyàn lè lọ ṣe lọ́la. Nígbà tí ìbéèrè àti ìdáhùn bá ń lọ, ẹ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, kí ẹ sì kọ ọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń fa ojú mọ́ra, tí ó sì yẹ kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe kì í dùn mọ́ bí ẹlòmíràn bá tún un ṣe. Iye àti nọ́ńbà rọrùn láti ṣì sọ, bí ẹ bá sì ṣì í sọ níwájú ẹni tó ni ín, ojú á ti méjèèjì yín. Ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kò dára tó bí ẹ ṣe rò, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni, ó sì lè jẹ́ pé alága náà ti tún un sọ. Ohun tó wà ní àárín ọ̀rọ̀ ló ń fi hàn pé ẹ wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti kọ gbólóhùn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ṣé ẹni tó dúró síta, tí kò wọlé rárá, lè sọ ọ́? Bí ó bá lè sọ ọ́, ẹ pa á rẹ́. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe tàbí tó sọ. Kí èyí tó kẹ́yìn sọ ohun tí àwa máa ṣe nítorí rẹ̀. Ẹ má ṣe máàkì fún un. Ẹni tó ń dúpẹ́ kì í ṣe olùyẹ̀wò, kò sì yẹ kí ó máa dáni lẹ́kọ̀ọ́ kejì.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá pín gbọ̀ngàn sí méjì, tí àwọn kan gbà, tí àwọn kan bínú, ẹ má ṣe sọ pé “gbogbo wa gbà.” Irọ́ ni, àwọn tí kò gbà á sì mọ̀ pé ẹ ti fi àwọn sínú ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ mú ohun tí ìhà méjèèjì rí: pé olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sọ èrò rẹ̀ láìfi bò, pé ó gba ìbéèrè tó le, ó sì dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù.

5. Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan, obìnrin, dókítà etí, ló wá sọ̀rọ̀ lórí ariwo àti ìgbọ́ràn. Ó ṣàlàyé pé tí ariwo ibi iṣẹ́ bá dé ìwọ̀n désíbẹ́ẹ̀lì 85, wákàtí 8 ni ó yẹ kí èèyàn mọ níbẹ̀ lóòjọ́, àti pé bí ó bá fi 3 lé e, àkókò náà á dín kù sí ìdajì. Ní 88, ó di wákàtí 4. Ó fi àwòrán irun tín-ín-tín inú etí hàn, ó ní èyí tí ariwo bá ti pa nínú rẹ̀ kì í hù mọ́ lára ènìyàn. Ní àárín ọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ó ní kí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ pẹ̀lú òun. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ariwo fáànù tó wà lókè orí wọn. Nígbà ìbéèrè, ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó léwu bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí èèyàn bá kúrò níbi ariwo.

Ohun mẹ́ta tó wà lórí ìwé mi ni: 85 àti 88, irun tí kì í hù mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti fáànù. Nọ́ńbà wúlò púpọ̀, àmọ́ mo fi í sílẹ̀ nítorí ìdí tí mo ti sọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo yàn, torí pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní ìpín nínú rẹ̀, mo sì fi irun etí gbè é lẹ́sẹ̀ kí ó lè ní ìtumọ̀. Ìwé náà wá rí báyìí, pẹ̀lú ìlà òfìfo níbi tí orúkọ wà:

> Alága wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n ______, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.
>
> Ọ̀jọ̀gbọ́n, láàárín ọ̀rọ̀ yín, ẹ dákẹ́, ẹ sì ní kí àwa náà dákẹ́. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ fáànù tó ti ń dún láti ìgbà tí a ti wọlé. Ẹ wá sọ fún wa pé irun inú etí tí ariwo bá ti pa kì í hù mọ́. Láti òní lọ, kí a tó yí ohùn rédíò sókè, a ó kọ́kọ́ rántí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ẹ dáhùn ìbéèrè wa láìkánjú, ẹ sì fi èdè tó yé wa ṣàlàyé ohun tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an ni.
>
> Alága wa, ______, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè pọ̀, ẹ kò sì jẹ́ kí àkókò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ ṣeun.
>
> Ìgbìmọ̀ aṣètò, tí ______ jẹ́ olórí wọn, ló ronú kan ètò yìí, tí wọ́n sì ṣe é yọrí. ______ ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn kan to àga, àwọn kan bójú tó gbohùngbohùn, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sì ráyè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n jẹ́ kí àwa gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.
>
> Ẹ̀yin tí ẹ wá, ẹ gbọ́, ẹ sì béèrè. Ẹni tó béèrè nípa etí tó ń hó lẹ́yìn ariwo, ọ̀pọ̀ wa lẹ bá béèrè. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.
>
> Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ______.

Tí a bá ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀rọ̀ 1, ọ̀rọ̀ 217 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ka 140 ní ìṣẹ́jú 1 á kà á tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 93, ó sì ṣẹ́ ku 27 fún ìrìn àti àtẹ́wọ́. Ẹ wò ó pé gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ìpínrọ̀ kejì ni àyè ńlá. Àyè kékeré ni gbólóhùn tó dárúkọ ìbéèrè. Èmi kì í pe orúkọ ẹni tó béèrè, ìbéèrè rẹ̀ nìkan ni mo máa ń pè. Ẹni náà á dá ara rẹ̀ mọ̀, àwọn yòókù tó béèrè kò sì ní lérò pé a kó àwọn dànù. Bí àwọn kan bá ń wo ètò náà láti ilé, ẹ fi “àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti ilé” kún gbólóhùn ìdúpẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Gbólóhùn tó sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn láìkánjú, àti èyí tó yin alága lórí àkókò, ẹ ti kọ wọ́n sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dìde. Bí alága bá jẹ́ kí ètò fi wákàtí kan kọjá àkókò, gbólóhùn yẹn á di èébú lójú gbogbo èèyàn.

6. Ìwé tí ẹ máa mú lọ́wọ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú kan ṣoṣo lórí ìwé, kí lẹ́tà tóbi tó fi jẹ́ pé ẹ lè kà á bí ìwé bá wà lórí tábìlì. Ibi tí ẹ bá ti máa mí ni kí ẹ ti gé ìlà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ. Fún àyè ńlá, ẹ fi ìlà gbọọrọ mẹ́rin sílẹ̀ tí ẹ lè fi bírò kọ̀wé sí, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ìkọ̀wé tí a fi ìkánjú kọ lórí itan kì í ṣeé kà níwájú èrò. Ìwé dára ju fóònù lọ níbí, nítorí ojú fóònù lè kú láàárín ọ̀rọ̀, ẹ ò sì lè tètè fi bírò pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jókòó sí ìlà iwájú, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ bá olóòtú ètò sọ ọ́ ṣáájú pé òun ni kí ó kéde ọ̀rọ̀ nípa fọ́tò, jíjẹ mímu àti àdúrà ìparí lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá gba ìkéde mọ́ ìdúpẹ́, àwọn èèyàn á máa wá àpò wọn nígbà tí ẹ ṣì ń pe orúkọ.

7. Bí nǹkan bá yí padà lójú ẹsẹ̀

Alága tó wà nínú ìwé ètò lè má wá, kí ó rán ẹlòmíràn. Ẹni tó wá ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó rán an ní ìdajì gbólóhùn. Bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ torí ìrìn àjò kí ó tó kàn yín, ẹ yí gbogbo “ẹ” àti “yín” inú ìpínrọ̀ kejì padà sí “wọ́n” àti “wọn” kí ẹ tó dìde, kí ẹ má bàa máa bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Ẹ fi bírò ṣe é. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó máa yí i padà lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ ló ti sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, inú kámẹ́rà ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀ lára ògiri.

Bí ẹnì kan bá sọ sí yín létí pé ẹ fo ẹnì kan, ẹ má tọrọ àforíjì gígùn. Ẹ fi gbólóhùn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó dé gbólóhùn ìparí, kí ẹ sì máa lọ. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá dára, ẹ má purọ́ fún un, ẹ má sì tú u síta. Ẹ dúpẹ́ fún ohun tó jẹ́ òótọ́: pé ó múra, pé ó wá, pé ó dúró gba ìbéèrè. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ohun kan ṣoṣo máa ń wà tó ṣeé mú, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé àkókò á ti tán. Ẹ ó rí i: olóòtú ètò á máa wo aago, àwọn èèyàn á ti máa yọ́ jáde láti ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni kí ẹ lo ìwé kúkúrú, tí ẹ ti fi bírò sàmì sí láti ilé. Ẹ pa ìkíni mọ́, ẹ pa gbólóhùn mẹ́rin àyè ńlá mọ́, kí ẹ wá fi gbólóhùn kan kó gbogbo àwọn yòókù pọ̀: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, lọ́wọ́ alága wa, lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aṣètò àti lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá.” Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbólóhùn àtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ 102 péré nìyẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 44. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á gé ọ̀rọ̀ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kúrò, wọ́n á wá fi ìkánjú ka orúkọ gbogbo. Orúkọ ni kí ẹ gé.